Ìkíni nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú níbi ìfẹ̀yìntì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti lé ní ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n ti pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìfẹ̀yìntì, àwọn mìíràn sì ti ní kí n bá àwọn tún tiwọn kọ. Ìkíni ni mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ ń dàrú jù. Tí ìkíni bá ti lọ́jú pọ̀, èèyàn ò ní rí ẹsẹ̀ gbé mọ́ títí tí yóò fi jókòó. Ìdí nìyí tí mo fi pẹ́ lórí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìbéèrè náà tí ẹnìkan ò tíì bi mí rí.

Ìṣẹ́jú mélòó ni ọ̀rọ̀ kúkúrú?

Mẹ́ta. Bí olùdarí ètò bá fún yín ní márùn-ún, ẹ kọ ti ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín ló máa jẹ ìyókù. Ẹ má fi ojú wọn bó ṣe gùn tó lórí ìwé. Ẹ dìde dúró, ẹ kà á sókè bí ẹni pé èèyàn wà níwájú yín, kí ẹ sì tan aago fóònù sí i. Ohun tí ẹ kà tán ní ìṣẹ́jú méjì àti ìdajì nínú yàrá máa ń di mẹ́ta geere nínú gbọ̀ngàn.

Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, kí ìkíni má ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ. Bí ẹ bá ṣì ń kí èèyàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn. Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀.

Ta ni kí n kọ́kọ́ kí?

Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí alága, wọ́n á bọ́ sórí igbákejì alága, wọ́n á wá máa ka ipò àti oyè lọ. Iṣẹ́ olùdarí ètò nìyẹn, ó sì ti ṣe é kó tó gbé máìkì lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá tún un kà, ó dájú pé ẹ ó fo ẹnìkan, ẹni tí ẹ bá fò náà ló sì máa rántí ọ̀rọ̀ yín pẹ́ jù. Láfikún, ọlọ́jọ́ á wá bọ́ sí ipò kẹwàá nínú ayẹyẹ ara rẹ̀.

Bí ara yín ò bá gbà á láti fo àwọn ọ̀gá, gbólóhùn kan péré tó: "Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà àti àwọn ọ̀gá tó wà níjòókòó." Gbogbo wọn ti wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí ẹni tó ń fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn ọlọ́jọ́ ńkọ́? Ṣé alábàáṣiṣẹ́ ló kàn ni àbí ẹbí?

Àwọn alábàáṣiṣẹ́ ni mo máa ń fi ṣe ìkejì, mo sì ní ìdí. Àwọn ni wọ́n máa pariwo. Ẹ kàn dárúkọ ẹ̀ka wọn lásán, wọ́n á hó yèè. Ẹ jẹ́ kí ariwo yẹn kọ́kọ́ wá, kó sì rọlẹ̀, kí ẹ tó kọjú sí ẹbí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá ẹbí sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo. Bí ẹ bá yí i padà, tí ẹ kí ìyàwó tàbí ọkọ tọkàntọkàn, tí ẹ sì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, igbe àwọn yẹn á bo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mọ́lẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń yí i padà ni bí òbí ọlọ́jọ́ bá ṣì wà láyé tó sì wà níjòókòó. Òbí kì í dúró lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Mo máa ń kí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ kú" wo ló yẹ? Wọ́n pọ̀ jù.

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni èèyàn ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. "Ẹ kú oríire" bá gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mu, kò sí ẹni tó máa bí nínú. "Ẹ kú àṣeyọrí" bá ọlọ́jọ́ mu. "Ẹ kú iṣẹ́" lásán ò dun etí, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ la fi ń kí, ẹni yìí sì ti gbéṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fi ọdún kún un, "ẹ kú iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ó ti dọ́gba. "Ẹ kú ìnáwó" tọ́ sí ẹni tó náwó nìkan. Bó bá jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ló dáwó ṣe ayẹyẹ náà, tí ẹ wá kí ọlọ́jọ́ kú ìnáwó, ẹ ó rí i bí akápò wọn ṣe máa wò yín.

Fún ẹbí, "ẹ kú àdúrótì" ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Bí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú bá wá síbẹ̀, tó sì ti pẹ́ tí ẹ ti rí wọn, "ẹ kú àtijọ́ o" ń mú orí wọn wú ju ìkíni gígùn lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó jẹ́ ti ilé ọ̀fọ̀. Mo wà níbi kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù lẹ́yìn, tó sì fi gbogbo ẹnu sọ pé, "Ẹ kú aráfẹ́rakù o!" Ó gbọ́ "fẹ́ra kù" nínú rẹ̀, ó sì rò pé ẹni tó ń lọ làwọn ará máa fẹ́ kù. Ìyá àgbà kan ní ìlà iwájú gbé ọwọ́ lé àyà. Ọlọ́jọ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ṣì wà ńbí o." Ẹ̀rín yẹn ló yọ ọmọ náà. Irú rẹ̀ náà ni "ẹ kú ìrọ́jú", "ó dìgbóṣe", àti "ó dojú àlá". Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé.

Ọ̀kan tún wà tí èèyàn kì í fura sí: "ẹ lọ sinmi." Lẹ́nu ọ̀dọ́, ó lè dà bí ẹni ń sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gẹ́ẹ́, lẹ́nu àgbà, ó lè gbé ọkàn lọ síbi tí kò yẹ. "Kí ẹ gbádùn ìsinmi yín" ò ní wàhálà kankan.

Mo kí wọn dáadáa, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tí mò ń bá wí. Kí ló fà á?

"Ẹ" ló fà á. "Ẹ" kan náà la fi ń pe àgbà kan ṣoṣo, òun náà la fi ń pe ọgọ́rùn-ún èèyàn. Bí ẹ bá dúró níwájú gbọ̀ngàn tí ẹ sọ pé "Ẹ ti gbìyànjú fún wa," ọlọ́jọ́ á rò pé òun ni, àwọn òṣìṣẹ́ á rò pé àwọn ni, ẹbí á sì máa wo ojú ara wọn.

Oògùn rẹ̀ méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹ pe orúkọ tàbí ipò kí "ẹ" tó jáde lẹ́nu yín: "Màmá wa, ẹ ti gbìyànjú." Ìkejì, ẹ yí gbogbo ara padà, kì í ṣe ojú nìkan. Ẹ kọ àmì kékeré sí etí ìwé yín níbi tí ẹ ti máa yí, ọfà lásán ti tó. Mo máa ń fi bíírò pupa fa tèmi.

Tí ìkíni bá parí, tó kan ìtàn, ẹ kúrò nínú "ẹ" bọ́ sínú "wọ́n". Gbogbo gbọ̀ngàn lẹ ń sọ ìtàn fún, nípa ọlọ́jọ́. Àwọn kan máa ń bá "ẹ" lọ títí: "Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá bá mi, tí ẹ sọ fún mi pé…" Ọ̀rọ̀ ti di ti ẹni méjì, ẹni ọgọ́rùn-ún wá di ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé. Ìgbà àdúrà ni kí ẹ padà sórí "ẹ".

Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, a sì jọ máa ń ṣeré. Ṣé mo lè lo "o"?

Nínú ìkíni, rárá. Ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe káwọn ọmọ rẹ̀ máa gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe òbí wọn níbi iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi ìtàn, tí ẹ fẹ́ sọ ohun tí ẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, "o" lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tún sọ.

Báwo ni mo ṣe máa kí alábàáṣiṣẹ́ láìka orúkọ gbogbo wọn?

Ẹ wá ohun kan tí gbogbo wọn jọ mọ̀ nípa ọlọ́jọ́, kí ẹ sì fi kí wọn: àga tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí, gbólóhùn tó ń sọ láràárọ̀, ìwà kan tí wọ́n jọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i nínú àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀. Bó bá di dandan láti dárúkọ, kó má ju ẹnìkan lọ, kó sì jẹ́ ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Ẹ bi í léèrè ṣáájú kó má lọ jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni kò wá.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹbí kí n tó dìde?

Ohun mẹ́ta: ta ló ń bọ̀, kí ni wọ́n ń pè wọ́n, ta ni kò sí mọ́. Ìkẹta yìí ló ń dójú tini jù. Èèyàn ti kí ọkọ tó ti di olóògbé rí, lójú mi. Àwọn míì ti kí ìyàwó tó ti kọ ọkọ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹ pe ọmọ ọlọ́jọ́ kan tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa gbọ́ ohun tí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹbí, ìyẹn alẹ́ tí wọ́n fi dúró dè é, tàbí ọjọ́ ìbí tí kò sí nílé, ohun yẹn ni kí ẹ sì dúpẹ́ lé lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé "a dá wọn padà fún yín lónìí". Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ohun èèlò tí a yá lọ a ń dá padà lẹ́yìn tó ti gbó.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan látòkè délẹ̀.

Mo kọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì ni obìnrin tó tọ́jú sítọ́ọ̀ wọn fún ọdún 27. Ìkíni tí ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ kún ojú ìwé kan: alága, àwọn ọ̀gá mẹ́fà, àwọn àlejò pàtàkì, "àti gbogbo ẹ̀yin tí àyè ò gbà mí láti dárúkọ". Màmá tí wọ́n ń ṣe é fún wà ní ìlà kejìlá. A fa ìlà sí gbogbo rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

"Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà àti àwọn ọ̀gá tó wà níjòókòó.

Màmá wa, ẹ kú oríire. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ fi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ wa, ẹ ò sì sọ ẹyọ kan nù. Ẹ ṣé, ẹ kú làálàá.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹni tí Màmá ti dá padà rí lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ nítorí pé kò buwọ́ lùwé, ẹ nawọ́ sókè! Èmi náà ti na tèmi. Ẹ káàbọ̀ o.

Bàbá, ẹ̀yin ọmọ, àti gbogbo ẹbí, ẹ kú àdúrótì. Ní gbogbo ìparí ọdún tí a bá ń ka ẹrù, ilẹ̀ a ti ṣú kí Màmá tó délé. A mọ̀ pé ẹnìkan ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ibi iṣẹ́ yìí, gílóòbù sítọ́ọ̀ jó. Mo nílò kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kan kíákíá, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wá tọ́ọ̀ṣì. Màmá ò wá tọ́ọ̀ṣì ní tiwọn. Wọ́n nawọ́ sínú òkùnkùn, wọ́n gbé ìdì kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò tọ eyín wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, 'Eléyìí ni. Eyín rẹ̀ kẹta ti jẹ díẹ̀.' Mo fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa lọ. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú òkùnkùn yẹn: 'Níbo lò ń lọ? Buwọ́ lùwé.'

Màmá wa, ẹ ti gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ wàyí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jèrè iṣẹ́ yín pẹ́, kí alẹ́ yín sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ẹ ṣé o."

Ìkíni gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ wo bí "ẹ" ṣe di "wọ́n" nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, tó sì padà di "ẹ" nígbà àdúrà. Ẹ tún wo kọ́kọ́rọ́: inú ìkíni ló ti kọ́kọ́ jáde, òun ló di ìtàn, òun náà ló gbé àdúrà wọlé. Ká ní a kí Màmá pé wọ́n jẹ́ "òṣìṣẹ́ takuntakun" ni, à bá tún máa wá afárá tí a máa gbà dé inú ìtàn.

Mi ò mọ ẹni náà dáadáa, ọ̀gá ló rán mi.

Ẹ bi ẹni méjì: ẹni tó jókòó nítòsí rẹ̀, àti ẹni tó kéré jù tó ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni. "Èèyàn dáadáa ni" lẹ máa gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé: "Kí ló máa ń ṣe tí ẹlòmíràn kì í ṣe?" Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló máa ń ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́, ẹ jẹ́wọ́ pé ẹnu àwọn ẹlòmíràn lẹ ti gbọ́ ọ. Kò bu ọ̀rọ̀ yín kù.

Bí ẹni náà kò bá fẹ́ lọ, tàbí tó jẹ́ àìsàn ló lé e wálé ńkọ́?

Ẹ yọ "ẹ kú oríire" kúrò, ẹ fi "ẹ kú iṣẹ́" pẹ̀lú iye ọdún rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má mẹ́nu ba àìsàn àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ má sì tọrọ àforíjì lórúkọ ibi iṣẹ́, wọn ò rán yín níyẹn.

Bí mo bá ṣi orúkọ pè ńkọ́?

Ẹ dúró, ẹ pè é bó ṣe tọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ. Àlàyé gígùn ló ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá. Bí ẹkún bá gbà yín lẹ́nu nígbà tí ẹ bá kọjú sí ẹbí, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ mu omi, gbọ̀ngàn á dúró dè yín.

Ṣé mo lè kà á látinú fóònù?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ pa ìpè, kí ojú rẹ̀ má sì máa kú fúnra rẹ̀. Ní tèmi, ìwé ni. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá sójú kan ṣoṣo, ìkíni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń wà lókè pẹ̀lú ọfà pupa wọn. Ìkíni yẹn ni kí ẹ há sórí. Ẹ lè ka ìtàn, ẹ lè ka àdúrà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo ìwé kó tó kí olójúlùmọ̀ rẹ̀, ojú kì í gbà á.